Ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ mikirobiolójì wa: ẹnì kan ń ka ìwé, àwọn yòókù ń tòògbé

Àrẹ̀mú_Wándó

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ labó ni mí níbí ní Àjàṣẹ́. Àwa méje la máa ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé, nínú yàrá kan tí wọ́n yá wa nítòsí ọjà Wándó. Mikirobiolójì ló ń dà wá láàmú jù lọ. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a pín orí ìwé láàárín ara wa, ẹni tó bá kàn á dìde, á ka ohun tó kọ sílẹ̀, àwa yòókù á máa dà á kọ. Kó tó pẹ́, oorun ti dé. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan kan.

Ìdánwò tó kọjá ló wá tú àṣírí wa. Olùkọ́ ò béèrè orí ìwé kankan. Ohun tó kọ ni pé obìnrin kan gbé ìtọ̀ wá, èyí lohun tó hù lórí ágà tí a fi ń gbin kòkòrò, ẹ sọ kòkòrò tó jẹ́, kí ẹ sì sọ bóyá àrùn ni tàbí kì í ṣe àrùn. Gbogbo orúkọ kòkòrò la mọ̀, ṣùgbọ́n a ò mọ ibi tí a ó ti mú ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín tó fi ń wọlé?

Ọmọ_Kàlàfí

Àbúrò, ìyẹn ò le. Àwa náà ń pín orí ìwé ní Kàlàfí níbí, ṣùgbọ́n a ti fòfin dè é pé ẹni tó ń kọ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwé dání. Orí pátákó ló ti máa yà á, tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́ni ló máa ń mọ̀ ọ́n jù, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ní ti ìtọ̀, ẹ sáà há èyí sórí: bí kòkòrò bá ti tó 100,000 nínú mílílítà kan, àrùn ni. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àrùn. Ẹ ti yege ìdajì ìdánwò yín nìyẹn.

Ìyá_Bọ́lá_Kétu

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé ìtọ̀ lẹ ń sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ìtọ̀ ń ta á. A gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní oríṣi kòkòrò mẹ́ta ló hù níbẹ̀, wọn ò wá sọ pé àrùn báyìí ni, wọ́n ní ká lọ gbé òmíràn wá. Kòkòrò mẹ́ta! Tí ọ̀kan bá jẹ́ àrùn, ṣé mẹ́ta ò ní ju àrùn lọ ni? Àbí owó ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀mejì?

Àrẹ̀mú_Wándó

Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ la ń sọ o, kì í ṣe àyẹ̀wò fúnra rẹ̀.

Bàbá_Labó

Àrẹ̀mú, má lé Ìyá Bọ́lá lọ. Ohun tí ẹ̀yin méjèèje ń wá ni wọ́n gbé wá síbí.

Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Bí àrùn bá wà nínú àpò ìtọ̀, kòkòrò oríṣi kan ló sábà máa ń hù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń di méjì. Nígbà tó bá di mẹ́ta tí kò sì sí èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ, ara awọ tàbí ojú ara ni wọ́n sábà máa ń ti bọ́ sínú ìtọ̀ náà. Ẹ fi omi fọ ọmọ náà mọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọ díẹ̀ dànù, ẹ wá fi ife tí labó fún yín gba ti àárín, kí ẹ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí méjì tó pé. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná tàbí tó ń bì, ẹ má dúró de èsì rárá, ẹ gbé e lọ bá dókítà lónìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ohun tí màmá yìí ṣe? Wọn ò ka orí ìwé kan. Èsì kan wà lọ́wọ́ wọn tí kò bá ohun tí wọ́n rò mu, wọ́n sì béèrè ìdí. Ohun tí kò sí nínú ìpàdé yín nìyẹn. Ẹni tó ń ka ìwé fún yín ò jẹ́ kí ẹ rò nǹkan kan tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó lè yà yín lẹ́nu.

Bí àwọn tí mo máa ń bá kàwé ṣe ń ṣe é rèé. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á jẹ́ alápò. Òun nìkan ló mọ gbogbo ohun tó wà nínú àpò: ó ti kọ aláìsàn kan sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ìtọ̀ rẹ̀ títí dé èsì, ìpele kọ̀ọ̀kan lórí ìwé tirẹ̀. Ohun tó bá ìtọ̀ náà wọlé nìkan ló máa kọ́kọ́ sọ. Ohunkóhun mìíràn tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè. Kó tó dáhùn, oníkálukú á kọ ohun tó rò pé ó jẹ́ sórí ìwé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní ìlà kan. Ẹni tó béèrè àyẹ̀wò náà á sọ ní gbangba pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo máa rò báyìí, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa rò báyìí. Tí ìdáhùn méjèèjì ò bá yí nǹkan kan padà lọ́kàn rẹ̀, alápò ò ní dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Alápò ní: obìnrin ọlọ́dún 26, ìtọ̀ ń ta á láti ijẹta. Wọ́n gba ìtọ̀ ní aago méje àárọ̀, ó dé labó ní aago mẹ́wàá. Ó ti tán.

Ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á sáré béèrè ohun tó hù lórí ágà. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe á béèrè pé níbo ni ìtọ̀ yẹn wà láti aago méje sí mẹ́wàá. Alápò á ní inú àpò lórí ọ̀kadà ló wà, kò wọ fìríìjì. Wàhálà ti dé nìyẹn, nítorí kòkòrò ń pọ̀ sí i nínú ìtọ̀ tí kò tutù, iye tí ẹ bá kà lọ́la kì í ṣe iye tó jáde lára obìnrin náà. Tó bá ju wákàtí méjì lọ láìsí fìríìjì, òmíràn la ń gbà. Torí náà obìnrin náà gbà òmíràn ní labó, a sì ń bá a lọ.

Ẹnì kan béèrè bàǹdẹ̀lẹ́ẹ̀tì tí a ń tì bọ inú ìtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wà níbẹ̀, nítírítì náà wà. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tí nítírítì sọ fún yín. Àwọn kòkòrò bíi kólì ló ń sọ nítírétì inú ìtọ̀ di nítírítì, ẹ̀ńtẹ̀rókókù kì í ṣe é. Ẹ tún bi ara yín bóyá àìsí rẹ̀ ì bá ti yọ kólì kúrò. Rárá o, nítorí ìtọ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú àpò ìtọ̀, bíi wákàtí mẹ́rin, kí nítírítì tó lè hàn, obìnrin yìí sì ti tọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó hù lórí ágà Makọ́ńkì. Kólónì 140, gbogbo wọn ní àwọ̀ osùn bí ara wọn. Mélòó ni nínú mílílítà kan? Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti máa ń pín sí méjì. Apá kan á ní 140,000, apá kejì á ní 14,000, ariwo á sì bẹ̀rẹ̀. Alápò á jókòó tì wọ́n, kò ní sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ánsì tí wọ́n fi bu ìtọ̀ náà ṣe tóbi tó. Èyí tó ń bu míkírólítà kan, ìlọ́po 1,000 ni. Èyí tó ń bu míkírólítà mẹ́wàá, ìlọ́po 100 ni. Ẹni tó bá ti jà lórí èyí lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé mọ́. Bí ẹnì kan bá kà á fún un láti inú ìwé, ó máa gbàgbé kó tó délé. Ní tiwa yìí, míkírólítà kan ni.

Ìyókù á wá yára. Gíráàmù, àwọ̀ tí a fi ń kun kòkòrò kí a tó wò ó, fi ọ̀pá kéékèèké aláwọ̀ osùn hàn. Ẹnì kan á ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò koagúláàsì. Alápò á bi í pé kí ló máa yí padà, ẹni náà á rí i fúnra rẹ̀ pé sitafílókókù ni wọ́n ń fi ìyẹn yà sọ́tọ̀, kò sí sitafílókókù kankan níbí. Àyẹ̀wò ọ́kísídáàsì, bẹ́ẹ̀ kọ́: ó yọ Súdómónásì kúrò. Índólù, òrùka pupa hàn lókè: ó yọ Kilẹbusíẹ́là pineumóníà kúrò, kólì ló ṣeé ṣe jù lọ báyìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìwé pélébé yẹn jọ, ẹ tò wọ́n sílẹ̀. Ibi tí èrò ti yí padà ni ẹ máa fi ìyókù àkókò sọ̀rọ̀ lé. Bí ìwé àwọn méje bá jọra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yálà ẹjọ́ yẹn rọrùn jù ni, tàbí gbogbo yín ń wo ojú ẹnì kan.

Ọmọ Kàlàfí, 100,000 yẹn ò parọ́, ṣùgbọ́n o gé e kúrú jù. Láti ọwọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Kass ní Amẹ́ríkà ní 1956 ló ti gbajúmọ̀. Àwọn obìnrin tí àrùn ti dé kíndìnrín wọn àti àwọn tí kò ní àmì kankan ló fi wéra. Obìnrin tí ìtọ̀ ń ta, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sì wà nínú ìtọ̀ rẹ̀, lè ní kólì 1,000 péré kó sì jẹ́ pé òun ló ń bá a jà. Ẹlòmíràn lè ní 100,000 kó má mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọ̀nà tí ìtọ̀ gbà jáde àti ohun tí aláìsàn ń sọ la fi ń ka nọ́mbà yẹn.

Ọmọ_Kàlàfí

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà lórí nọ́mbà. Ìwé wa ò ṣàlàyé ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n mo ní àtakò. Wákàtí méjì gbáko lẹ fi rí kólì kan ṣoṣo! Ìwé ẹ̀kọ́ wa kún fún kòkòrò, àjẹsára, fáírọ́ọ̀sì, olú. Ìgbà wo la máa kà wọ́n tán?

Bàbá_Labó

Àtakò rẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé bí ẹjọ́ àkọ́kọ́ bá ti parí, alápò ò ní kọ tuntun, á yí ohun kan ṣoṣo padà. Kólónì náà ò ní àwọ̀ osùn mọ́, kò ní àwọ̀ kankan, ọ́kísídáàsì sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wá sọ fún mi. Èyí kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí ọ̀nà náà ti wà lójú yín. Ní ọ̀nà yìí, ìtọ̀ kan á mú yín dé ọ̀dọ̀ Súdómónásì, Pirótéọ̀sì àti ẹ̀ńtẹ̀rókókù ní ọ̀sán kan náà.

Ti fáírọ́ọ̀sì, mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀nà yìí ò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu. Ẹ há ìyẹn sórí nílé.

Aṣàbẹ̀ẹ́

Ẹ kú àárọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́. Àwa mẹ́ta péré ni wá níbí. Mikirosíkóòpù tí a ní àǹfààní sí, ọjọ́ kan lóṣù ni, iná tún ń lọ. Gíráàmù la ò rí kọ́ dáadáa. A rò ó pé ká ṣe ágà tiwa nílé, ká fi jẹ́látìnì àti omi ẹran sè é, ká wá fi itọ́ ẹnu wa sínú rẹ̀ ká wo ohun tó máa hù. Ṣé ó dáa?

Bàbá_Labó

Kò dáa o. Ohun tó bá hù níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó sì ti pọ̀ ní ìlọ́po ọ̀kẹ́ àìmọye nínú ilé tí ẹ ti ń jẹun, ẹ ò sì ní ohun tí ẹ ó fi pa á dáadáa kí ẹ tó dà á nù. Ohun tó bá hù, labó ló gbọ́dọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ìwé àti bírò tó láti kọ́ Gíráàmù. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà sórí páálí mẹ́rin: fiolẹ́ẹ̀tì ìṣẹ́jú kan, Lugọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú kan, álíkọ́ọ̀lù ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, fúsìnì ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi sitafílókókù àti kólì sórí lámù kan náà, gíláàsì pélébé tí a ń gbé sábẹ́ mikirosíkóòpù, lójú inú. Ẹnì kan á fa páálí kan yọ, á fi pamọ́ sẹ́yìn. Ẹ̀yin yòókù á sọ àwọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ní.

Bí páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, sitafílókókù á jẹ́ elésè àlùkò, kólì á jẹ́ aláwọ̀ osùn. Bí ó bá yọ Lugọ́ọ̀lù, fiolẹ́ẹ̀tì ò ní ohun tó dì í mú, álíkọ́ọ̀lù á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì á di aláwọ̀ osùn. Bí ó bá yọ álíkọ́ọ̀lù, àwọn méjèèjì á jẹ́ elésè àlùkò. Bí ó bá yọ fúsìnì, sitafílókókù á dúró bó ṣe wà, kólì ò ní ní àwọ̀ kankan, ẹ lè rò pé kò sí níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má yọ páálí kankan mọ́, ẹ yí ìṣẹ́jú rẹ̀ padà. Álíkọ́ọ̀lù pẹ́ jù ńkọ́? Tí wọ́n bá tẹ́ kòkòrò náà nípọn jù lórí lámù ńkọ́? Tí kólónì náà bá ti gbó jù ńkọ́?

Ọjọ́ tí ẹ bá wá dé ìdí mikirosíkóòpù, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀lù kéékèèké tí wọ́n ṣù jọ bí èso àjàrà, tí wọ́n sì ní àwọ̀ osùn, ẹ ò ní kọ Gíráàmù odi sílẹ̀ kíá. Ẹ máa kọ́kọ́ fura sí ọwọ́ ẹni tó da álíkọ́ọ̀lù. Ìdí nìyẹn tí àwa fi máa ń fi sitafílókókù kan tí a mọ̀ àti kólì kan tí a mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ń yẹ̀ wò. Bí sitafílókókù tí a mọ̀ bá pupa, lámù yẹn ò ṣeé gbára lé.

Aṣàbẹ̀ẹ́

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. A ti sinmi lórí ẹran náà nìyẹn, a ó máa jẹ ẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú ìjíròrò. Bàbá Labó sọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó ń kọ mí lóminú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni alápò fúnra rẹ̀. Tó bá kọ èsì tí kò tọ̀nà sínú àpò, àwọn mẹ́fà yòókù á fi ìgbóyà gbé àṣìṣe lọ sílé. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn gbà pé sitẹrẹ́pitókókù máa ń hó nínú àyẹ̀wò kàtàláàsì, nítorí pé alápò wọn ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ohun tó rí kì í ṣe irọ́: orí ágà ẹlẹ́jẹ̀ ló ti họ kólónì náà, ó họ ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa sì ní kàtàláàsì tirẹ̀. Òun ló hó, sitẹrẹ́pitókókù ò hó.

Torí náà, kí alápò fi ẹjọ́ rẹ̀ han ẹnì kan tó mọ̀ ju òun lọ kó tó di Sátidé, kódà bí ó jẹ́ fọ́tò lórí Wásáàpù. Kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹ jiyàn lé tí kò yanjú sí. Ẹ má fi ìbò yanjú rẹ̀ o. Olùkọ́ ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà. Ẹ máa fi Yorùbá jiyàn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹni tó ń tijú sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Faransé lẹ máa fi kọ ìdánwò. Kí ìpàdé tó tú, kí oníkálukú fi Faransé kọ ìlà méjì tàbí mẹ́ta nípa ẹjọ́ náà, bí ẹni pé olùkọ́ ló fẹ́ kà á.

Ọmọ_Kàlàfí

Ti èdè yìí, èmi ò gbà. Ẹ fi Faransé ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi Yorùbá rò ó tán, á tún máa túmọ̀ rẹ̀ nínú ìdánwò, àkókò á lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Èmi fi Yorùbá rò ó, mo sì yege. Ẹni tí kò bá yé ní Yorùbá ló ń há Faransé sórí. Ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí oníkálukú dán tirẹ̀ wò.

Ìyá_Bọ́lá_Kétu

Ẹ̀yin ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ yege. A ti gbé ìtọ̀ mìíràn lọ láàárọ̀ yìí, mo wẹ̀ ẹ́ mọ́ bí bàbá ṣe ní kí n ṣe. Nígbà tí mo sọ fún ọmọdékùnrin labó yẹn pé ti àárín nìkan ni mo gbà, ó wò mí bí ẹni tó rí iwin.

Àrẹ̀mú_Wándó

Màmá, ẹ forí jì mí fún ti àná.

Bàbá Labó, èmi ni alápò àkọ́kọ́ ní Sátidé yìí. Ẹjọ́ tí mo kọ nìyí, ẹ bá mi wò ó: bàbá ọlọ́dún 70, wọ́n ti fi rọ́bà sí i láti ọ̀sẹ̀ méjì kó lè máa tọ̀. Kólónì tí kò ní àwọ̀ lórí Makọ́ńkì, wọ́n ń tàn bíi aláwọ̀ ewé díẹ̀. Ọ̀pá Gíráàmù odi. Ọ́kísídáàsì, bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ Súdómónásì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ṣé kí n sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé rọ́bà wà lára bàbá náà?

Bàbá_Labó

Má sọ ọ́. Kọ ọ́ sínú àpò, kí o dúró kí wọ́n béèrè. Tí wọ́n bá béèrè, kí wọ́n tún bi ọ́ bóyá inú rọ́bà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gba ìtọ̀ náà tàbí inú àpò ike tó so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kọ ìkejì. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ pé kí wọ́n da ìtọ̀ yẹn nù kí wọ́n gba òmíràn, má ṣe fún wọn ní èsì ágà kankan.